Àkísà Pupa Ọrùn Kẹ́ẹ̀gì

Ọjọ́ kẹfà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè gba ohùn lọ́nà ọ̀fun ènìyàn. Títí di ọjọ́ yẹn, àsọdùn ni mo ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Yàrá kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Musin, nínú ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ oníyàrá mẹ́wàá, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàrin wọn. Ilé ìdáná tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò wà lẹ́yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì láti Jíbówú lọ sí òkè ọya, bó bá ti lọ, ó di ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí a tó tún rí i. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni. Mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré kan ní Yaba, níbi tí mo ti ń yẹ fọ́ọ̀mù àwọn oníbàárà wò bóyá òótọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ ti dé, yàrá onígbàjámọ̀ tó kọjú sí tiwa ni mò ń sùn, kí àyè lè gba ìyá wa àgbà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá ti wá láti tọ́jú ọmọ. Ìyá tó bí ìyá wa ni wọ́n, ìyá wa fúnra rẹ̀ ti kú. Wọ́n dé pẹ̀lú àpò àgbàdo kan, ọṣẹ dúdú, àti òfin. Òfin àkọ́kọ́ ni pé afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ kan ìkókó. Ìkejì ni pé ìyá ìkókó kò gbọdọ̀ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé nínú òtútù. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin méjèèjì bí ni pé gbogbo iná tó wà nínú ilé wa kó sínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá náà ṣe rí, nítorí pé mo máa ń tún un yà lórí ìwé títí di òní. Bẹ́ẹ̀dì wà lábẹ́ fèrèsé. Irin ni wọ́n fi dí fèrèsé náà nítorí olè, irin tí wọ́n jó mọ́ ògiri, tí kò ní ibi tí a lè ṣí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, ó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì. Kọ́tìnnì gígùn kan wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn gan-an, nínú yàrá, ni Màmá gbé sítóòfù kalẹ̀ sí, kí omi gbígbóná lè wà nítòsí fún ìwẹ̀ ọmọ àti ti ìyá rẹ̀. Lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ni àtùpà wà. Màmá máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn sí jígí àtùpà náà títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́, wọn yóò sì gbé e lé ikùn ọmọ. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí ìdérí agolo mílíìkì, ni kọ́ìlì ẹ̀fọn ti ń jó díẹ̀díẹ̀, ó ká bí ìgbín, ó ń rú èéfín. Néètì ẹ̀fọn tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó ń lọ fún àyẹ̀wò oyún wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lókè kọ́bọ́ọ̀dù. A kò tíì já ọ̀rá náà.

Mo wo yàrá yìí ní ọjọ́ kejì, mo sì rò ó pé bí iná bá ṣẹ́ yọ láti ara sítóòfù, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní ọ̀nà àbájáde. Mo rò ó dáadáa. Mo fi ojú wọn àyè tó wà láàrin sítóòfù àti férémù ilẹ̀kùn, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ ni mo ṣe sọ ọ́.

"Màmá, ṣé sítóòfù yẹn kò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù?"

"Ibo ni kí n gbé e sí? Orí ẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú nítorí ẹ̀rín ṣì ń dùn ún lára. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, kẹrosíìnì àtùpà tán, a sì tan àbẹ́là. Màmá yọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí ọ̀dà oníke, wọ́n gbé e sórí rédíò. Ìrọ̀lẹ́ ni, kò tíì ju aago méje lọ. Gbogbo wa lọ kí àlejò lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, àbẹ́là ti jó dé ìdí, ìdérí ti yọ́ wọ ara rédíò, ọwọ́ iná kékeré kan sì ń lá etí oníke náà bí ajá tó ń lá àwo. Mo fi ìkòkò dé e pa. Mo fi ìdérí tó yọ́ náà han Màmá.

"Ó ti kú, àbí kò tíì kú?"

"Ó ti kú, Màmá."

"Ẹ̀ẹ́ṣe tí o wá ń gbé òkú rìn?"

Ní ọjọ́ kẹrin, mo rí ihò lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì níbi tó fì sílẹ̀. Ihò náà kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ le, ó dúdú díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì rí bí irun jíjó. Mo wólẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Etí aṣọ náà ti bọ́ sórí kọ́ìlì, ó jóná láìní ọwọ́ iná, kọ́ìlì sì kú fúnra rẹ̀ nítorí pé ó ti dé ibi ìparí. Bí kò bá jẹ́ pé ó ti dé ìparí ńkọ́? Fóòmù ni bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo mọ̀ pé fóòmù lè máa jó nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí iná, kí èéfín rẹ̀ sì pa ènìyàn kí ó tó jí.

Mo pe Màmá, mo fi ihò náà hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka wọn kàn án.

"Kọ́ìlì kò ní ọwọ́ iná," ni wọ́n wí.

"Sìgá náà kò ní, Màmá."

"Ta ló ń mu sìgá níbí?" Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Alákọ̀wé, ṣé o ti ń mu sìgá ní Yaba?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé kọ́ìlì lọ sí ọ̀nà ìta, kí a so néètì. Màmá ní néètì náà dà bí ohun tí wọ́n fi ń bo òkú, pé àwọn kò ní fi bo ọmọ tí kò tíì ní orúkọ. Ọjọ́ kẹjọ ni a ó sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí náà a fi néètì sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìsọmọlórúkọ, kọ́ìlì sì padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kàn jẹ́ pé wọ́n ká etí aṣọ sókè. Mo gbà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù, mo sọ fún ara mi, bí ẹni pé iná mọ kàlẹ́ńdà.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ló máa ń wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàrin ilẹ̀kùn wa àti ti onígbàjámọ̀. Méjèèjì jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, oníkẹ́ẹ̀gì kan náà ló tà wọ́n. Tiwa jẹ́ ti kẹrosíìnì. Ti onígbàjámọ̀ jẹ́ ti bẹntiróòlù tó ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó fi ń gẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí iná ìjọba kò bá sí. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò yẹ kí bẹntiróòlù wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti jí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀mejì níta. Kí àṣìṣe má bàa sí, ó so àkísà pupa mọ́ ọrùn tirẹ̀. Gbogbo ilé mọ àkísà pupa yẹn. Àwọn ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Gbogbo ilé, àfi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò sí ẹni nínú wa tó rántí láti sọ fún.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Màmá gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí àlejò ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì kúrò, wọ́n gbá ìdí wọn, wọ́n gbé wọn padà. Wọ́n rí àkísà ìdọ̀tí kan lọ́rùn ọ̀kan, wọ́n tú u, wọ́n jù ú nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo fẹ́ ra kẹrosíìnì kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo bojú wo kẹ́ẹ̀gì méjèèjì. N kò rí àkísà. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti béèrè pé "Báwo la ṣe mọ̀?", mo kàn sọ fún ara mi pé apá òsì ni tiwa máa ń wà, mo gbé èyí tó wà lápá òsì. Mo gbọ́ tí nǹkan ń ṣe gbọ́rọ́gbọ́rọ́ nínú rẹ̀. Mo rò pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kẹrosíìnì ni. Imú mi ti dí láti ọjọ́ mélòó kan nítorí èéfín kọ́ìlì.

Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì ní ìkóríta wa ṣí kẹ́ẹ̀gì náà, ó fà sẹ́yìn.

"Alákọ̀wé, kẹ́ẹ̀gì yín yìí ń rùn o."

"Kẹrosíìnì ló ń rùn, Àǹtí."

Ó wò mí. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. "Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Èmi, tí nǹkan kì í tètè dá lójú. Mo ti ń pẹ́ ni. Ó rọ líítà márùn-ún sí i. Mo gbé e wá sílé, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo sì lọ sí Yaba.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni fóònù mi dún. Onígbàjámọ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kún fún ẹ̀rín àti ìbínú pa pọ̀.

"Àbúrò, ẹ̀yin ilé yín ń bá mi ṣeré ni? Mo gbé kẹ́ẹ̀gì dé ilé epo, mo tò, ó kàn mí, mo ṣí i, kẹrosíìnì ló ń rùn nínú ẹ̀! Kẹ́ẹ̀gì yín ni! Ta ló tú àkísà mi?"

Mo gbé péènì mi kalẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù tí mò ń yẹ̀ wò.

"Haló? Bẹntiróòlù mi wà nínú ìyẹn o. Kò pọ̀, bí ìdajì líítà, ẹ má dà á nù fún mi."

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ṣírò. Ìdajì líítà nínú líítà márùn-ún. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kẹrosíìnì nìkan kì í yára gbiná. Òwú ló máa ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ń tú ooru tí a kò lè rí, ooru náà ń gbiná kí ìṣáná tó kàn án, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti sọ gbogbo kẹ́ẹ̀gì di bẹntiróòlù. Aago márùn-ún ni Màmá máa ń gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná.

"Ẹ̀gbọ́n," mo wí, "mo ti ra kẹrosíìnì sínú ẹ̀. Ẹ sáré lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀rín inú ohùn rẹ̀ gé. Ó ní, "Yéè," ó sì pa fóònù.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù rẹ̀ ti kú, nítorí pé láti àná ni kò ti sí iná. Mo pe Màmá. Ó dún títí ó fi parí. Mo tún pè. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi fúnra mi ni mo yí fóònù Màmá sí èyí tí kì í pariwo, kí ó má bàa jí ọmọ.

N kò rántí bí mo ṣe sọ fún ọ̀gá mi, tàbí bóyá mo sọ. Kẹ̀kẹ́ Maruwa méjì ni mo wọ̀. Nínú èkejì, awakọ̀ béèrè bóyá ara mi kò yá. Mo ń ka ìṣẹ́jú. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ṣeé ṣe kí kẹrosíìnì àná ṣì wà nínú sítóòfù. Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kò dúró: nítorí pé kò sí nǹkan kan nínú sítóòfù ni mo fi lọ ra òmíràn. Mo ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí Màmá gbóòórùn rẹ̀. Ìyẹn náà kò dúró. Inú èéfín kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Mo bọ́ sílẹ̀ ní ìkóríta, mo sáré kọjá iwájú obìnrin oníkẹrosíìnì, mo kọjá òkìtì yanrìn tí wọ́n kó wá láti fi tún gọ́tà ṣe níwájú ilé wa, mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Sítóòfù máa ń jó jẹ́jẹ́. Èyí ń ké fùùù, bí ẹni tó ń fẹ́ iná alágbẹ̀dẹ.

Mo gbá kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná ti ga dé ìbàdí Màmá. Kì í ṣe ojú òwú nìkan ni ó ti ń jáde. Ó ń yọ láti etí tánkì, ní ibi tí wọ́n ti ń rọ epo. Lẹ́yìn iná náà, ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin fèrèsé, ó pa ìkókó mọ́ àyà rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí. Kẹ́ẹ̀gì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá, ìdérí rẹ̀ kò sí lórí. Màmá sì ti gbé bàsíà omi ìwẹ̀ ọmọ sókè, wọ́n fẹ́ dà á.

Mo la ẹnu láti sọ pé kí wọ́n má da omi sí i, pé epo yóò léfòó lórí omi, iná yóò sì tẹ̀lé e dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ohùn. Mo di ọwọ́ Màmá mú. Bàsíà náà mì, díẹ̀ nínú omi ta sí wa lára. Wọ́n wo ojú mi, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ mú kí wọ́n dúró.

Kẹ́ẹ̀gì ni mo kọ́kọ́ mú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dé ẹnu rẹ̀, mo gbé e jáde títí dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo padà, etí kọ́tìnnì ti ràn. Onígbàjámọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró lọ́nà, ti ń sáré bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ọpọ́n yanrìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa kọ́tìnnì já, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ki táwẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà léjìká Màmá bọ inú bàsíà, mo fún un, mo dì í mú níwájú mi kí ó bo ọwọ́ mi, mo sì tẹ́ ẹ lé sítóòfù láti iwájú lọ sẹ́yìn. Iná yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀ lápá kan. Onígbàjámọ̀ da yanrìn síbẹ̀. Igbe fùùù náà rẹlẹ̀, ó di ìmí, ó dákẹ́.

"Ẹ má ṣí i," onígbàjámọ̀ wí. "Ẹ má tíì ṣí i o. Ìyá ìkókó, ẹ máa bọ̀, ẹ gba ara ògiri."

Ẹ̀gbọ́n mi gba ara ògiri. Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ìkókó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Gbogbo ilé ti pé. Aránṣọ tó ń gbé yàrá ìkẹyìn ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́: "Kẹrosíìnì ayédèrú ni! Obìnrin ìkóríta yẹn fẹ́ pa wá!"

"Mo ti ń wí!" ni ẹlòmíràn fèsì. "Ẹ jẹ́ ká lọ da tábìlì ẹ̀ nù. Kó wá fi epo ẹ̀ mu tíì!"

Àwọn méjì ti ń ró aṣọ wọn mọ́ra láti lọ jà. Mo dúró mọ́ ògiri. Ẹnì kan fi omi fún mi, n kò lè mu ún. Mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n lọ, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti fẹ́ di àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́, òkùnkùn ti ń kó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Màmá nínú yàrá.

"Ẹ fún mi ní ìṣáná kí n tan àtùpà. A kò rí ojú ara wa."

Èrò kan gún mi. Mo wọlé. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, àtùpà wà lórí itan wọn, wọ́n ti gbé jígí rẹ̀ sókè. Aránṣọ ń na ìṣáná sí wọn.

"Màmá." Ohùn náà jáde, ó há, ṣùgbọ́n ó jáde. "Ibo lẹ ti rí kẹrosíìnì inú àtùpà yẹn?"

"Nínú kẹ́ẹ̀gì tí o rà láàárọ̀. Àtùpà ni mo kọ́kọ́ rọ epo sí, mo rọ ọ́ kún. Kí ló dé?"

"Ẹ má ṣáná!"

N kò pariwo bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Aránṣọ ju ìṣáná sílẹ̀.

"Bẹntiróòlù wà nínú ẹ̀," mo wí. "Kì í ṣe obìnrin ìkóríta. Èmi ni. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì tí kì í ṣe tiwa. Obìnrin yẹn sọ fún mi pé ó ń rùn, mo ní ó dá mi lójú. Ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, nínú sítóòfù, nínú àtùpà, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ má tan nǹkan kan."

Màmá gbé àtùpà kúrò lórí itan wọn bí ẹni tó gbé ejò. Wọ́n wo ibi tó ti wà láti ọjọ́ yìí wá: ìrọ̀rí, àti ihò kékeré tí orí ìkókó ṣe sórí ìrọ̀rí náà. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Àkísà pupa," onígbàjámọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Màmá, ẹ rí àkísà pupa kan?"

"Mo tú u," ni Màmá wí. "Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

"Èmi ló yẹ kó sọ fún yín," ni onígbàjámọ̀ wí. "Èmi ló yẹ kó má gbé bẹntiróòlù síbẹ̀ rárá."

Aránṣọ tú aṣọ tó ró sílẹ̀. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ obìnrin ìkóríta. Ní ọjọ́ keje mo lọ bá a, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kàn ní, "Mo gbóòórùn ẹ̀, àbí mi ò gbóòórùn ẹ̀?" Mo ní ó gbóòórùn rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì náà, pẹ̀lú ohun tó wà nínú àtùpà àti èyí tó kù nínú sítóòfù, lọ fún mẹkáníìkì kan ní òpópónà kejì, tó ń fi irú ẹ̀ fọ irin mọ́tò ní gbangba ìta. Ó ní kí wọ́n má gbé kẹ́ẹ̀gì náà padà fún òun. Nísinsìnyí bẹntiróòlù rẹ̀ ń gbé nínú àpótí irin tó ní àgádágodo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn.

Oorun kò kùn mí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ fóònù onígbàjámọ̀ la fi ríran. Màmá fúnra wọn ló sọ pé kí n gbé ọ̀rá orí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Wọ́n ní kí a sá néètì náà sí ibòji ná, bí nọ́ọ̀sì tó fún ẹ̀gbọ́n mi ní néètì ti sọ, kí a tó so ó. Nítorí náà, mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ìgbà tí Màmá gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ó ní láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti gbọ́.

Nígbà tó fi di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, néètì ti wà lókè bẹ́ẹ̀dì, a sì ti ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù yí ká. Kò sí kọ́ìlì mọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ra iná oníṣáájì kan bọ̀ láti ọ̀nà, a máa ń ṣáájì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́sàn-án. Sítóòfù padà sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, a sì ń rọ epo sí i nígbà tó bá kú tó sì tutù nìkan. Èmi ni mò ń gbé omi kaná níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí mò ń rọ ọ́ sínú fúláàsì ńlá méjì wá sínú yàrá. Ìyá ìkókó kò jáde sí òtútù. Òfin Màmá kò bàjẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ni mo rò pé yóò ṣòro, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ọ̀nà tiwọn: wọ́n máa ń di ife tí omi gbígbóná wà nínú rẹ̀ mú títí ọwọ́ wọn yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á gbé ife sílẹ̀ jìnnà sí ọmọ, wọ́n á nu ọwọ́ gbẹ, wọ́n á wá wọ inú néètì lọ gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

Irin fèrèsé ṣì wà níbẹ̀. A ti sọ fún onílé lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ó jẹ́ kí wọ́n fi ìdè sí i kí ó lè ṣí láti inú. Ó ní òun ń rò ó.

Mo ṣì ń bẹ̀rù. Bí mo bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń pè mí ní ajá ọlọ́pàá. Ní òwúrọ̀ tí Màmá ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo bá wọn lórí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi eyín ya etí ìró pupa wọn kan tó ti gbó. Wọ́n ya á ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mẹ́wàá, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́.

"Fún onígbàjámọ̀," ni wọ́n wí. "Ọ̀kan lè tú."

Nínú yàrá, ìkókó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́ néètì. Àwa méjèèjì jókòó, a ń gbọ́ ọ.